Nígbà Tí Etí Bá Ń Hó Lóru

Bí alọta bá ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀rọ, alẹ́ ni etí rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹ̀rọ ti dákẹ́, ọjà ti tú, ó fi orí lélẹ̀, etí wá ń hó bí ìrẹ̀. Ìyàwó tó sùn tì í kò gbọ́ nǹkan kan.

Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn irun tíntìntín wà tó ń gba ìró, tí iṣan sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Ariwo ńlá máa ń pa wọ́n, èyí tó bá sì ti kú nínú wọn kì í hù mọ́. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé ọpọlọ tí kò rí ìró gbà mọ́ á wá máa wá a kíkankíkan, títí yóò fi máa gbọ́ ohun tí kò sí. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti tó láti ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe ariwo nìkan o. Ọjọ́ ogbó wà níbẹ̀, ìdọ̀tí tó dí etí náà sì wà níbẹ̀. Igi ìṣáná àti ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń ro etí ló sì máa ń tì í wọlé sí i. Kínínì máa ń mú etí hó, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lọ bí a bá ti lo oògùn náà tán. Ìbàjẹ́ tí abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn bá ṣe lè má lọ mọ́. Ẹni tó bá kíyè sí irú èyí, kó tètè sọ fún dókítà, kó má kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Híhó etí méjèèjì tó ti pẹ́ kì í sábà ṣe àmì ewu. Èyí tó bá wà létí kan ṣoṣo ni kí a lọ yẹ̀ wò. Ẹ tún di ọrùn ọwọ́ yín mú: bí ìró náà bá ń bá ìlù ọkàn rìn, ó lè jẹ́ láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì yẹ kí dókítà rí i. Èyí tó burú jù ni kí etí ṣàdédé di lójijì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan ro ó, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni oògùn rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí òòyì ńlá tàbí ẹnu wíwọ́ bá bá a wá.

Kò tíì sí oògùn tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo híhó tó ti pẹ́. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀. Ohun tó ń ran alọta wa lọ́wọ́ ni kí yàrá má pa lọ́lọ́: fáànù, tàbí rédíò tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí híhó náà, kí ọpọlọ lè rí nǹkan mìíràn gbọ́. Lóṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sábà máa ń dín in kù. Ìdí ẹ̀rọ ni kó ti máa fi ìdití sétí. Bó bá fi sùn, ńṣe ni híhó náà yóò túbọ̀ ròkè.