Iyọ̀ Ọmọ, Iyọ̀ Àgbà

Ìkéde tẹlifíṣọ̀n oníṣẹ́jú kan lórí iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní kókó púpọ̀. Iyọ̀ àjẹjù ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń fa àrùn rọpárọsẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì kékeré kan, pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú màgí, búrẹ́dì àti oúnjẹ inú pákẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí á ṣe ìkéde yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún àwọn ọ̀dọ́langba, èkejì fún àwọn tó ti lé ní 65.

Ọ̀nà tó rọrùn, tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ni pé kí á pààrọ̀ aṣọ fún ọ̀rọ̀ kan náà: kí á fi orin ìgboro sí ti ọmọ, kí á wá fa ohùn gùn nínú ti àgbà. Lójú tèmi, ìyẹn kò tíì kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tó yẹ kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni ẹni tó ń wò yìí lágbára lé lórí nínú oúnjẹ tirẹ̀?

Ọmọ ọdún 16 kò ní àṣẹ lórí ìkòkò ilé. Ìyá rẹ̀ ló ń se ọbẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé kí ó dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, iṣẹ́ ẹlòmíràn la gbé lé e lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni èyí tó ń fi owó ara rẹ̀ rà àti indomí tó ń sè fúnra rẹ̀ lálẹ́. (Orí tẹlifíṣọ̀n, a ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ kankan, a óò lo pákẹ́ẹ̀tì tí kò ní orúkọ.) Púpọ̀ nínú iyọ̀ indomí ló wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ohun tí a óò ní kí ó ṣe nìyẹn: kí ó da ìdajì rẹ̀ sí i, kí ó ká ìyókù.

Kí ló máa mú un ṣe é? Kì í ṣe ìbẹ̀rù rọpárọsẹ̀. Lójú ọmọ ọdún 16, àrùn tó ń bá ẹni 50 ọdún jà jìnnà bí ọ̀run. Ní ọdún 2016, Christopher Bryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ iléèwé ní Texas, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tí a mọ̀, pé oúnjẹ tó dáa ń ṣe ara lóore. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìtàn bí àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ ṣe ń lo ọgbọ́n láti mú èèyàn jẹun ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sì ń dójú sọ àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn yan ìpanu, àwọn tó ka ìtàn ọgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ ló yan oúnjẹ tí kò dáa kéré jù. Ọ̀dọ́langba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa darí òun, yálà òbí ni tàbí oníṣòwò.

Nítorí náà, kò sí dókítà nínú ìkéde ti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní pè wọ́n ní “ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí.” Ọ̀rẹ́ méjì ló wà nídìí sítóòfù. Ọ̀kan fẹ́ ya sáṣẹ́ẹ̀tì, èkejì gba pákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

“Wo ibi tí wọ́n kọ iye iyọ̀ sí. Ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.”

“Ṣé wọn ò fẹ́ kí n rí i ni?”

“Ìwọ náà rò ó.”

Ó da ìdajì, ó ká ìyókù, wọ́n jẹun. Ó tán. Bí ẹnì kan bá fi ìlà kan kún un láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó di ìwàásù nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé a kò mẹ́nu kan gíráàmù 5. Òdiwọ̀n àgbàlagbà ni. Ti ọmọ tí kò tíì ju ọdún 15 lọ gbọ́dọ̀ kéré sí i, àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò wo ìkéde yìí.

Ti àgbà yàtọ̀ pátápátá. Ìyá tó ti pé 70 lè má mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì ń dé ilé ìdáná. Ohun tí a óò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ni kí ó sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹ bá mi fa ọwọ́ iyọ̀ àti màgí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.” Díẹ̀díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí ahọ́n àgbà kò mú bíi ti àtijọ́ mọ́. Bí ọbẹ̀ bá ṣàdédé tẹ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò bu iyọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Kí àwòrán fi ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ hàn: àlùbọ́sà, àáyù, efinrin, irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Laura Carstensen ti Yunifásítì Stanford ti ṣàlàyé pé bí èèyàn bá rí i pé àkókò tó kù fún òun kò gùn mọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ohun tó ń mú ọkàn rẹ̀ yọ̀ ni yóò gbájú mọ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní fi ibùsùn ọsibítù hàn án. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ó bá a sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń wọn gèlè wò: “Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìgbéyàwó ọmọ ọmọ mi ń bọ̀, mo sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi jó níbẹ̀.” Nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún 25 tó ń na ìka sí wọn kò ní rí etí gbọ́.

Ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣìṣe jù nínú ti àgbà ni bíbẹnu àtẹ́ lu irọ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé iyọ̀ tútù tí a bù sórí oúnjẹ nìkan ló léwu, pé èyí tó bá iná jinná kò ní nǹkan í ṣe. A lè rò pé kí á wí i lẹ́ẹ̀mẹta pé irọ́ ni. Ìwádìí tí Ian Skurnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé òdì-kejì nìyẹn lè bí: bí wọ́n ṣe ń sọ fún àwọn àgbà léraléra pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rántí rẹ̀ bí òtítọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wọn mọ́, ṣùgbọ́n “irọ́ ni” tí a so mọ́ ọn ti já bọ́. Òtítọ́ nìkan ni kí á sọ, kí á sì tún un sọ: “Iyọ̀ inú ìkòkò, iyọ̀ ni.” Bákan náà ni a kò ní dárúkọ orí fífọ́. “Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n.”

Ìmọ̀ràn kan wà tí mo máa ń yọ kúrò nínú ti àgbà: iyọ̀ tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù rọ́pò apá kan nínú rẹ̀. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára ní jàǹbá, tàbí ẹni tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, irú wọn sì pọ̀ láàárín àwọn àgbà. Ìṣẹ́jú kan kò gba àlàyé yẹn. Ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ní ti ohùn, etí àgbà ń kọ́kọ́ pàdánù àwọn ìró tó ga, bíi “s” àti “f.” Bí ìlù bá ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń bo ìyókù mọ́lẹ̀. Mo máa ń yọ orin kúrò níbi tí ẹnu bá ti ń sọ̀rọ̀, mo sì ń gé ọ̀rọ̀ kù kí olùsọ má baà sáré.

Kí ìkéde méjèèjì tó jáde, à ń fi hàn àwọn èèyàn díẹ̀. A kì í bi wọ́n bóyá ó dùn, torí gbogbo èèyàn ni yóò ní ó dùn. Ọmọ ni à ń bi pé, “Kí ni o máa ṣe lálẹ́ òní?” Bí ó bá dáhùn pé òun máa sọ fún màmá òun, a ti kọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní tiwọn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni à ń pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí. Bí ẹnì kan bá ní tẹlifíṣọ̀n sọ pé iyọ̀ tó jinná kò léwu, a ó tún padà sínú ìwé lọ wá ibi tí gbólóhùn yẹn ti wọlé.