Ó Wà Lórí Ayélujára, Ṣùgbọ́n Google Kò Fi Í Hàn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé girama kan ń múra ayẹyẹ, wọ́n sì ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọn kọ́ ìkànnì. Iṣẹ́ parí. Àwòrán àwọn olùkọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ètò ayẹyẹ wà níbẹ̀, ibi tí wọn yóò ti san owó kò sì gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sínú Google. Ojú-ìwé Facebook kan tó ti di àpatì ló jáde, pẹ̀lú ilé-ìwé mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ tiwọn. Alága pe ọmọ náà: "Níbo lo kó iṣẹ́ wa sí?" Òun náà fèsì: "Ẹ má bínú sà, ó wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀." Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí a bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google, ìgbà yẹn ló máa ń sáré yí gbogbo ayélujára ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rán róbọ́ọ̀tì rẹ̀ tó ń jẹ́ Googlebot jáde ṣáájú. Róbọ́ọ̀tì yìí ń gba orí líǹkì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ka ojú-ìwé tó bá bá pàdé, Google sì ń kó èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn sínú àkójọ ńlá kan, bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Inú àkójọ yẹn ló ti ń wá ìdáhùn fún wa. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè jáde, ì báà tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ìkànnì náà wà nínú àkójọ tàbí kò sí. Ká ní `example.org` ni àdírẹ́sì ẹgbẹ́ wa yìí, èyí ni yóò tẹ̀ sínú Google, láìfi àlàfo sílẹ̀ rárá:

```
site:example.org
```

Bí ojú-ìwé ìkànnì náà bá jáde, a jẹ́ pé Google mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn ló kàn ń ṣíwájú rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ju kó tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe lọ: kó fi àmì àyọlò yí orúkọ ẹgbẹ́ ká, kó sì fi orúkọ ìlú kún un. Kó tẹ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn, kó tún tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ Yorùbá sórí ayélujára kì í fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n bí `site:` kò bá mú nǹkan kan wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkànnì náà kò sí nínú àkójọ. Mo ní ó ṣeé ṣe ni o, nítorí Google fúnra rẹ̀ sọ pé `site:` lè má fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ òun hàn.

Kí ló lè mú kó má sí níbẹ̀? Bí ìkànnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò sí líǹkì kankan tó tọ́ka sí i láti ibòmíràn, róbọ́ọ̀tì lè má tíì débẹ̀. Èyí lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, tó sì jẹ́ pé WordPress ni wọ́n fi kọ́ ọ, àpótí kékeré kan ni èmi á kọ́kọ́ fura sí. Ó wà lábẹ́ Settings, níbi tí wọ́n kọ Reading sí. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni "Discourage search engines from indexing this site". Àwọn tó ń kọ́ ìkànnì máa ń fi àmì sínú rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, kí aráyé má baà bá ilé tí wọn ò tíì kùn. Ohun tó bójú mu ni. Àmọ́ iṣẹ́ á parí, owó á wọlé, àmì náà á sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣí ìkànnì kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, torí pé inú kóòdù ló wà.

Àlejò lè yẹ kóòdù yẹn wò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ `view-source:https://example.org` sí òkè Chrome níbi tí àdírẹ́sì máa ń wà, kó tẹ Ctrl àti F pọ̀, kó sì wá `noindex`. Bó bá rí ìlà yìí, ó ti mú olè:

```
<meta name='robots' content='noindex, nofollow' />
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ ìṣàwárí má ṣe kó ojú-ìwé yìí sínú àkójọ. Bing náà ń gbọ́ràn sí i, púpọ̀ nínú ohun tí DuckDuckGo ń fi hàn sì ń ti ọ̀dọ̀ Bing wá. Ẹni tó bá kúrò ní Google lọ sọ́dọ̀ wọn nítorí ìlà yìí kàn ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà ni. Ìgbà tó jẹ́ pé Google nìkan ni kò tíì dé ìkànnì náà ni sísá lọ sọ́dọ̀ Bing lè ṣàǹfààní. Ẹni tó ni ìkànnì ni kó yọ àmì náà, kó wọ Google Search Console, kó tẹ Request indexing, kó sì ní sùúrù.

Fáìlì kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń kó pọ̀ mọ́ èyí. Ẹ tẹ `example.org/robots.txt`, ẹ lè rí i báyìí:

```
User-agent: *
Disallow: /
```

Èyí ń sọ fún gbogbo róbọ́ọ̀tì pé kí wọ́n má wọlé. Kò sọ pé kí wọ́n má dárúkọ ilé. Bí ìkànnì mìíràn bá ní líǹkì sí i, Google ṣì lè fi àdírẹ́sì rẹ̀ hàn, láìsí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó wá ti pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó fi méjèèjì pọ̀, tó rò pé òun ti fara pa mọ́ lọ́nà méjì, ti dá róbọ́ọ̀tì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní lè ka `noindex` tó wà nínú ilé.

Ní báyìí ná, báwo ni ará Lọ́ńdọ̀nù wa yóò ṣe dé ibẹ̀? Àdírẹ́sì ni kó tẹ̀. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ojú kan náà ni a ti ń tẹ àdírẹ́sì tí a sì ti ń wá nǹkan. Bó bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ lásán, tàbí tí àlàfo bá bọ́ sáàárín `example` àti `.org`, Google ni yóò tún gbé e lọ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti `https://`, kó má sì fi àlàfo sílẹ̀. Bí kò bá mọ àdírẹ́sì, kó wo ìwé ìkésíni ayẹyẹ náà, kó béèrè lórí WhatsApp ẹgbẹ́, tàbí kó lọ sí ìkànnì ilé-ìwé fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ní, nítorí ibẹ̀ ni líǹkì sábà máa ń wà. Ojú-ìwé Facebook tó ti di àpatì yẹn náà lè wúlò: kó wo abẹ́ About.

Bí àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ kò bá ṣí rárá, ọ̀ràn ti kúrò lọ́wọ́ Google. Ó lè jẹ́ pé wọn kò san owó ọdún lórí orúkọ ìkànnì náà mọ́. Tẹ́lẹ̀, Google máa ń fi líǹkì kan sílẹ̀ fún wa láti wo ẹ̀dà ojú-ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọ ọ́ kúrò ní 2024. Ibi tó kù tí mo mọ̀ tó ṣeé gbára lé ni Wayback Machine ti Internet Archive. Ẹ tẹ `web.archive.org`, ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì síbẹ̀, kàlẹ́ńdà yóò sì fi àwọn ọjọ́ tí wọ́n ti ya ẹ̀dà rẹ̀ hàn yín. Kì í ṣe gbogbo ìkànnì ló ní ẹ̀dà níbẹ̀, fọ́tò mìíràn kì í sì jáde. Ẹ má sì san owó sínú nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ bá rí nínú ẹ̀dà àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ pe akápò ẹgbẹ́.