Ìtàn Ànọ́bì Mùsá nínú sùúrà mẹ́rin

Ojú kan ni ìtàn Ànọ́bì Yúsúfù wà nínú Àlùkùráánì. Sùúrà kejìlá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ló sì parí rẹ̀. Ti Ànọ́bì Mùsá kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ànọ́bì tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ tó o nínú ìwé náà, síbẹ̀ kò sí ibì kan tí ènìyàn lè ṣí tí yóò ti bá ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí dé ìparí. Sùúrà kan á gbé e láti àárín, òmíràn á gbé e láti ìdí, ẹ̀kẹta á sọ ọ́ ní aáyà díẹ̀, á sì kọjá lọ. Mẹ́rin nínú àwọn tó sọ ọ́ gùn ni Aráfù (sùúrà 7), Tọ́há (20), Ṣúárá (26) àti Kọ́sásì (28). Mọ́kà ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, lásìkò tí àwọn olóyè Kùráéṣì ń fòòró Ànọ́bì Muhammad àti ìwọ̀nba ènìyàn tó tẹ̀lé e. Mùsá kan náà ni, Firiáónà kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ìtàn ti gbéra, ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fò.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú ló wà níwájú Sùúrà Tọ́há. Ó sọ fún Ànọ́bì Muhammad pé a kò sọ Àlùkùráánì kalẹ̀ fún un kí ó lè máa jìyà, lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ìròyìn Mùsá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtàn gbéra lójú ọ̀nà, níbi tí Mùsá ti rí iná lókèèrè tó sì ní kí àwọn ará ilé òun dúró. Ọlọ́hun pè é níbẹ̀, Ó sì bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀pá ni ì bá kàn sọ, ìyẹn ì bá sì tó. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé òun ń fara tì í, òun ń fi í gbọn ewé sílẹ̀ fún àgùntàn òun, òun sì tún ń lò ó fún nǹkan mìíràn. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣàlàyé Àlùkùráánì sọ pé dídùn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ni kò jẹ́ kó fẹ́ dákẹ́. Kò sí ibòmíràn tí èsì yìí ti jẹ yọ.

Ẹ̀rù ni ó gba ìtàn Tọ́há kọjá. Ọ̀pá di ejò, a ní kí ó mú un, kí ó má bẹ̀rù. Wọ́n rán an sí Firiáónà, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́hun la àyà òun, kí Ó tú kókó ahọ́n òun, kí Ó sì fi Hárúnà ẹ̀gbọ́n òun ṣe olùrànlọ́wọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ lọ, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ń bẹ̀rù kí Firiáónà má tètè ṣe àwọn ní ibi. Èsì tí wọ́n gbà ni pé Ọlọ́hun wà pẹ̀lú wọn, Ó ń gbọ́, Ó sì ń rí. Kódà lójú agbo, nígbà tí okùn àwọn onídán dà bí ohun tó ń rìn, aáyà 67 sọ pé ẹ̀rù ba Mùsá nínú ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń tù nínú láti aáyà kejì sùúrà náà ni wọ́n ń sọ ìtàn yìí fún, wọ́n sì jẹ́ kó rí ànọ́bì tí àyà rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kan sí i, tí kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n dá a dá a.

Sùúrà Kọ́sásì kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mùsá rárá. Firiáónà ló fi bẹ̀rẹ̀, ọba tó gbé ara rẹ̀ ga lórí ilẹ̀, tó pín àwọn ènìyàn ibẹ̀ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, tó ń pa ọmọkùnrin ẹ̀yà kan tó sì ń dá obìnrin wọn sí. Aáyà karùn-ún wá sọ pé àwọn tí wọ́n tẹ̀ rì náà ni Ọlọ́hun fẹ́ ṣe oore fún. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ìyá Mùsá. Nínú Tọ́há, aáyà bíi mẹ́ta péré ni ìtàn ìyá yìí gbà, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló sì ń rán Mùsá àgbà létí oore àtẹ̀yìnwá. Nínú Kọ́sásì, a wọ inú ilé lọ bá ìyá. Wọ́n ní kí ó fún ọmọ lọ́mú, bí ẹ̀rù bá sì bà á, kí ó jù ú sínú odò, wọ́n ṣèlérí pé ọmọ yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣófo dé ibi pé ó kù díẹ̀ kó tú àṣírí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin máa ṣọ́ ọ lókèèrè. Ọmọ kọ ọmú gbogbo alágbàtọ́ láàfin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fọgbọ́n júwe ilé kan tó lè bá wọn tọ́ ọ. Báyìí ni ọmọ ṣe padà sí àyà ìyá rẹ̀, nínú ìtọ́jú ọ̀tá tó ń wá a pa.

Ohun tó tẹ̀lé e náà kò sí ní ibòmíràn ní irú kíkún bẹ́ẹ̀: ìkúùkù tó pa ọkùnrin kan, ẹni tó sáré wá láti òpin ìlú kìlọ̀ fún Mùsá, ìsáǹsá sí Mádíyánà, àwọn ọmọbìnrin méjì tó bá pọnmi fún ẹran wọn, àti àdéhùn iṣẹ́ ọdún 8 tàbí 10 kó tó lè fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wẹ́rẹ́ tí sùúrà náà dé ààfin, ó sáré. Ìdíje pẹ̀lú àwọn onídán, tó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn Mùsá, kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tó jẹ sùúrà yìí lógún ni bí ẹni tí kò lágbára ṣe ń padà sí àyè rẹ̀. Ní aáyà 85, nígbà tí sùúrà ń lọ sópin, ìlérí kan náà bọ́ sọ́wọ́ Ànọ́bì Muhammad, pé Ẹni tó fún un ní Àlùkùráánì yóò dá a padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Mọ́kà tí ó fi sílẹ̀ ni àpadàbọ̀ náà ń tọ́ka sí, àwọn kan sì sọ pé ojú ọ̀nà Mẹ̀dínà, ní Júfà, ni aáyà náà ti sọ̀kalẹ̀.

Sùúrà Ṣúárá gba ìtọ́jú kan náà ní ààfin, ó sì yí i padà. Firiáónà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi ń ṣe ìrègún: ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni Mùsá ti dàgbà ni? Ó tún fi ẹni tí Mùsá pa kún un. Mùsá kò sẹ́. Ó gbà pé òun ṣe é nígbà tí òun kò tíì mọ̀nà, ó wá bi í léèrè bóyá oore ni kí ó sọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì di ẹrú. Ohun tó jẹ́ oore Ọlọ́hun nínú Tọ́há ti di gbèsè tí ọba fẹ́ gbà níbí. Láti ibẹ̀, àríyànjiyàn ni. Firiáónà bèèrè ta ni Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Mùsá dáhùn. Ó yíjú sí àwọn tó yí i ká, Mùsá tún dáhùn. Ó pè é ní wèrè, Mùsá kò dákẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ, ó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀. Ìtàn ànọ́bì méje ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú sùúrà yìí, aáyà méjì kan náà ló sì ń pa ìtàn kọ̀ọ̀kan dé: àmì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn kò gbàgbọ́. Mùsá ibẹ̀ náà jẹ́wọ́ ẹ̀rù níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n létí òkun, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ké pé ọwọ́ ti tẹ àwọn, òun ló sọ pé rárá, Olúwa òun wà pẹ̀lú òun.

Aráfù kò mẹ́nu ba ìyá, iná ojú ọ̀nà tàbí Mádíyánà ti àsálà. Ààfin ló ti gbé Mùsá, nítorí ìtàn ìlú márùn-ún tó kọ ànọ́bì wọn, láti ti Núhù dé ti Ṣúáébù, ló ti ń bọ̀. Ohun tó wá mú un yàtọ̀ ni pé kò dúró létí òkun. Kí wọ́n tó sọdá, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ráhùn pé wọ́n ń jìyà kí Mùsá tó dé, wọ́n sì tún ń jìyà lẹ́yìn tó dé. Ó dá wọn lóhùn pé ó ṣeé ṣe kí Olúwa wọn pa ọ̀tá wọn run, kí Ó fi ilẹ̀ jogún fún wọn, kí Ó sì wo bí wọn yóò ṣe ṣe. Ìyókù ìtàn ni wíwò náà. Kò pẹ́ tí wọ́n sọdá ni wọ́n rí àwọn abọ̀rìṣà, wọ́n sì ní kí Mùsá ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ màlúù oníwúrà. Nínú Tọ́há, Sámírì ni wọ́n dárúkọ pé ó ṣe é, Mùsá sì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Aráfù kò dárúkọ Sámírì. Àwọn ènìyàn Mùsá ló sọ pé ó ṣe é, ẹ̀bi sì wà lọ́rùn gbogbo wọn.

Ìran àwọn onídán wà nínú mẹ́ta nínú sùúrà wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ kéékèèké ti hàn jù. Nínú Aráfù, àwọn olóyè Firiáónà ló sọ pé onídán tó mọ iṣẹ́ ni Mùsá. Nínú Ṣúárá, Firiáónà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn olóyè. Àwọn onímọ̀ ní ọba ló kọ́kọ́ sọ ọ́, tí àwọn olóyè gbà á sọ. Èyí ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ìdí tí sùúrà kọ̀ọ̀kan fi yan ẹnu tó yàn tún ṣe kedere: àwọn olóyè ló ń fèsì fún ànọ́bì nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tó ṣáájú nínú Aráfù, nígbà tó jẹ́ pé ọba gan-an ni alátakò Mùsá nínú Ṣúárá. Tọ́há fi kún un pé Mùsá ló yan ọjọ́ ọdún, ní ìyálẹ̀ta, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Nígbà tí àwọn onídán gbàgbọ́ tí Firiáónà sì ní òun yóò gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, èsì wọn nínú Aráfù parí sí àdúrà fún sùúrù. Nínú Ṣúárá, wọ́n ní kò burú, àwọn ń retí ìdáríjì. Nínú Tọ́há, wọ́n sọ fún ọba lójú rẹ̀ pé ìdájọ́ rẹ̀ kò lè kọjá ayé yìí.

Àwọn tó há Àlùkùráánì sórí mọ ewu ibí yìí. Aáyà Aráfù àti ti Ṣúárá jọra débi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń yà wọ́n, bíi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn onídán. Ẹni tí kò bá fura lè bẹ̀rẹ̀ láti sùúrà keje kó sì bá ara rẹ̀ ní ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Nítorí irú aáyà wọ̀nyí ni Mahmúdù Al-Kirmánì, àti Ibnu Súbáérì ará Gránádà tó kú ní ọdún 1308, ṣe kọ ìwé tó ń yẹ wọ́n wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo ìyàtọ̀ kọ́ ló ń gbé ìtumọ̀ ńlá. Àwọn onídán inú Aráfù àti Ṣúárá sọ pé àwọn gba Olúwa Mùsá àti Hárúnà gbọ́, ṣùgbọ́n ti Tọ́há fi Hárúnà ṣáájú. Àwọn kan ti wá ìdí fún un nínú ipò Hárúnà. Èyí tó ṣeé gbà jù ni pé ọ̀pọ̀ aáyà Tọ́há ló parí sí ìró tí orúkọ Mùsá fi ń parí ní èdè Lárúbáwá, Hárúnà kò sì lè bá ìró náà mu.