Ìyẹ̀fun Kírétíìnì àti Orí Pípá: Ẹjọ́ Tí A Fi Ẹ̀rí Kan Ṣoṣo Dá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àjàkálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé irin kí ara wọn lè le. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyẹ̀fun funfun tí a ń pè ní kírétíìnì, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu kí iṣan wọn lè ní agbára, a máa pá ènìyàn lórí. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ti da tiwọn nù; àwọn mìíràn ń mu ún, ṣùgbọ́n wọn kò yéé wo iwájú orí wọn nínú dígí ní àràárọ̀. Bí a bá sì bi wọ́n pé ta ni ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, níbo ni ó ti wádìí rẹ̀, kí sì ni ó rí gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ fún wa pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí náà jáde kí a sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kírétíìnì kì í ṣe oògùn àjèjì sí ara. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wa ń ṣe é lójoojúmọ́, a sì tún ń rí i nínú ẹran àti ẹja tí a ń jẹ. Inú iṣan ni ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀ ń gbé, níbi tí ó ti ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ kánkán, bí eré ìje kúkúrú tàbí gbígbé ẹrù wúwo. Ẹni tí ó ń mu ìyẹ̀fun rẹ̀ kàn ń fi kún èyí tí ó ti wà nínú iṣan rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìwádìí tí gbogbo ariwo yìí ti wá jáde ní ọdún 2009. Àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Sítẹ́lẹ́nbọ̀ṣì, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n ṣe é. Ogún ọ̀dọ́mọkùnrin, 20 péré, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì, ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ẹni tí kírétíìnì kàn ń mu gíráàmù 25 lójúmọ́, tí a pò mọ́ gúlúkóòsì. Lẹ́yìn náà, ó ń mu gíráàmù 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 14. Àwọn tí kírétíìnì kò tíì kàn ń mu gúlúkóòsì nìkan. Ẹni tí ń pín in kò mọ èyí tí ó ń pín, ẹni tí ń mu ún kò sì mọ èyí tí ó ń mu, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n pàrọ̀ wọn: ẹni tí ó ti mu kírétíìnì mu gúlúkóòsì, ẹni tí ó ti mu gúlúkóòsì sì mu kírétíìnì. Ètò náà dára, a kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà wò. Wọ́n wá tẹstosítẹ́róònù, èyí tí í ṣe omi ìsúnniṣe tí ó sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin, nínú rẹ̀. Wọ́n sì wá ọmọ rẹ̀ kan tí ó lágbára jù ú lọ, èyí tí a ń kọ sórí ìwé àyẹ̀wò ní lẹ́tà mẹ́ta pé DHT. Tẹstosítẹ́róònù kò yí padà. Ṣùgbọ́n DHT fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lẹ́yìn ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ó sì ṣì fi ìdá 40 ga ju ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ nígbà tí ọjọ́ 21 pé.

Kí ni DHT ní í ṣe pẹ̀lú irun? Ohun náà gan-an ni ó ń pá orí àwọn ọkùnrin tí a bí orí pípá mọ́. Lórí irú àwọn bẹ́ẹ̀, DHT a máa mú kí ihò tí irun ti ń hù kéré sí i díẹ̀díẹ̀, tí irun tí ń jáde nínú rẹ̀ yóò fi máa tínrín, tí yóò sì máa kúrú, títí tí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí gbogbo ènìyàn ni ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin méjì lè ní ìwọ̀n DHT kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí orí ọ̀kan pá kó máa dán, kí ti èkejì sì kún dọ́ba. Ohun tí wọ́n jogún lọ́wọ́ òbí wọn ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Láti ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti fò dé ìparí ọ̀rọ̀: kírétíìnì gbé DHT sókè, DHT ń pá orí, nítorí náà kírétíìnì ń pá orí. Ó dún bí ìṣirò tí ó pé, ṣùgbọ́n àlàfo mẹ́ta wà nínú rẹ̀.

Àlàfo kìíní wà nínú ìdá 56 náà. Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ̀ pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ìtumọ̀ títí a ó fi mọ iye tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó gba máàkì 10 nínú 100, tí ó sì gba 15 ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ti fi ìdá 50 tẹ̀síwájú. Síbẹ̀ kò tíì yege. Nínú ìwádìí yìí, nígbà tí kírétíìnì kàn wọ́n, 0.98 ni DHT wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí a bá fi òṣùwọ̀n náánómóòlù nínú lítà kan wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ó di 1.53. Ohun tí ó lé kò ju 0.55 lọ, 0.55 sì ni ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún 0.98. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a kà sí déédéé fún ọkùnrin lè tó 3.27, 1.53 kò dé ìdajì rẹ̀. Ẹ tún wo èyí: nígbà tí gúlúkóòsì kàn wọ́n, 1.26 ni DHT wọn kí wọ́n tó mu ohunkóhun, ó sì wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni pé ìsọ̀rí méjèèjì kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilà kan náà. Ti kírétíìnì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gòkè. Ti gúlúkóòsì bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Apá kan ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni a ti lè rí níbẹ̀.

Àlàfo kejì ni ó tóbi jù: kò sí ẹni tí ó wo irun. Nínú gbogbo ọjọ́ 21 náà, wọn kò ka irun ẹnikẹ́ni, wọn kò ya àwòrán orí ẹnikẹ́ni, wọn kò sì sọ pé irun ẹnikẹ́ni já. Bí wọ́n tilẹ̀ wò ó, ọ̀sẹ̀ 3 kò tó. Irun kan a máa dàgbà fún ọdún méjì sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni yóò sinmi fún bí oṣù mẹ́ta kí ó tó já. Orí tí yóò bá pá kì í pá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àlàfo kẹta ni pé ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2021 rí ìwádìí 12 mìíràn tí ó wo kírétíìnì àti tẹstosítẹ́róònù: nínú 10, kò sí ìyípadà kankan, nínú 2 yòókù, ìyípadà tí ó wà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò já mọ́ nǹkan fún ara. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún ìwádìí ti DHT yìí ṣe tí ó sì rí ohun kan náà.

Ní ọdún 2025 ni ẹlẹ́rìí kejì tó dé, láti ilẹ̀ Ìránì. Ọkùnrin 45 tí wọ́n ti ń gbé irin tẹ́lẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 18 sí 40, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. 38 nínú wọn ni ó parí. Àwọn kan mu gíráàmù 5 kírétíìnì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn yòókù mu ìyẹ̀fun mìíràn tí kò ní kírétíìnì nínú. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tún wo irun fúnra rẹ̀: wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí, wọ́n wo bí irun ti pọ̀ tó àti bí ó ti nípọn tó. Kò sí ìyàtọ̀ tí a lè tọ́ka sí láàárín ìsọ̀rí méjèèjì, yálà nínú DHT tàbí nínú irun.

Ǹjẹ́ a ti parí ẹjọ́ náà? Rárá o. Bí a kò ti gbọdọ̀ fi ẹ̀rí ọdún 2009 dá kírétíìnì lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ti ọdún 2025 nìkan dá a láre pátápátá. Ọ̀sẹ̀ 12 sàn ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń mu ìyẹ̀fun yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gíráàmù 5 lójúmọ́ ni ti Ìránì, kì í ṣe 25 tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní Sítẹ́lẹ́nbọ̀ṣì; ohun tí ìwọ̀n ńlá náà lè ṣe sí irun kò tíì hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ jẹ́ apárí, tí iwájú orí tirẹ̀ náà sì ti ń ṣí: ìwádìí tí a ṣe nítorí irú wọn nìkan ni yóò lè dáhùn fún wọn. Ọkùnrin nìkan sì ni ìwádìí méjèèjì wò. Ti obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá.

Ohun kan wà tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà rí bí òtítọ́ lójú àwọn tí ó ń kan. Ọjọ́ orí tí àwọn ọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin, tí wọ́n sì ń mu kírétíìnì, ni ọjọ́ orí tí orí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pá bí wọn kò bá tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Nígbà tí ohun méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó rọrùn láti sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ tàbí tí wọ́n ń lo hóró oògùn tẹstosítẹ́róònù ní ìkọ̀kọ̀ kí iṣan wọn lè tóbi. Èyí lè pá orí ẹni tí a bí i mọ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kírétíìnì tí ó wà lórí tábìlì ní gbangba ni wọn yóò dì í rù.

Ẹni tí irun rẹ̀ bá ń já, kí ó wo ibi tí ó ti ń já. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ iwájú orí àti àtàrí ni ó ń ṣí, tí irun ibẹ̀ sì ń tínrín díẹ̀díẹ̀, ti ìdílé ni ó jọ. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo orí ni ó ń já, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ibà líle tàbí lẹ́yìn ìgbà tí ènìyàn fi ebi pa ara rẹ̀ láti fọn, irú èyí sábà máa ń hù padà. Bí kò bá sì yé e, kí ó lọ bá oníṣègùn awọ ara. Ẹni tí ó ṣì ń bẹ̀rù kírétíìnì kò nílò gíráàmù 25 náà rárá: gíráàmù 3 lójúmọ́ yóò kún iṣan dé ìwọ̀n kan náà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, sùúrù nìkan ni iyàtọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá bi yín léèrè, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ìdáhùn tí ó bá òtítọ́ mu kò gùn: ìwádìí kékeré kan rí i pé ohun kan gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, kò wo irun, ìwádìí kejì wo irun, kò rí ewu nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 12, ohun tí ó kọjá èyí, kò tíì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.