Ìdí tí Java Fi Fún Ẹni Tó Gba 37 Nínú 50 Ní Òdo

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Java fẹ́ kọ ètò kékeré kan tí yóò máa sọ máàkì ìdánwò di iye nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gba 37 nínú 50, 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà; ìṣirò yẹn kò le. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ rèé:

```java
int gba = 37;
int apapo = 50;
double ida = gba / apapo * 100;
System.out.println(ida);
```

Nígbà tó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é, 0.0 ló jáde. Kọ̀ǹpútà kò pariwo, kò tọ́ka sí àṣìṣe kankan, ètò náà kò sì dá dúró lójijì. Ńṣe ló dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ̀ǹpútà mi ò tíì bàjẹ́ báyìí?"

"Kò bàjẹ́. Ohun tí o ní kó ṣe ló ṣe. Tún ìlà kẹta yẹn kà, kí o máa kà á díẹ̀díẹ̀."

Inú ìlà kẹta yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìpín àti ìsọdipúpọ̀ kò ju ara wọn lọ nínú Java, nítorí náà láti apá òsì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni `gba / apapo`. Irú `int` sì ni àwọn méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ odidi, tí kì í ní pọ́ìǹtì nínú. Òfin Java lórí èyí kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí odidi bá wà lápá òsì àmì ìpín, tí odidi sì wà lápá ọ̀tún, odidi ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́. 0.74 ni 37 tí a fi 50 pín. Java mú òdo tó wà níwájú pọ́ìǹtì, ó sì da ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nù. Kò tilẹ̀ wò ó bóyá ó sún mọ́ 1, nítorí pé òdo náà ni 49 / 50 yóò fún un. Lẹ́yìn èyí ló wá fi 100 sọ òdo di púpọ̀, òdo náà ló sì rí. Ìgbà tó parí ìyẹn ló tó gbé òdo náà sínú `ida`. Irú `double` ni `ida`, ìyẹn nọ́ńbà tó lè ní pọ́ìǹtì, ìdí nìyẹn tí òdo fi di 0.0.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n kó ewúrẹ́ 37 fún ènìyàn 50, wọ́n ní kí wọ́n pín in lọ́gbọọgba, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ pa ìkankan. Kò sẹ́ni tí odidi ewúrẹ́ kan máa kàn. Òdo ló kan oníkálukú, ewúrẹ́ 37 yóò sì ṣẹ́ kù lórí ìso. Irú ìpín tí Java ń ṣe láàárín odidi àti odidi nìyẹn. Ó tilẹ̀ ní àmì tó fi ń bèèrè ohun tó ṣẹ́ kù: bí ẹ bá kọ `37 % 50`, 37 ni yóò fún yín.

Ohun tó ṣi akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́nà kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ó ti kọ `double` síwájú `ida`, ó sì rò pé òun ti tipa bẹ́ẹ̀ sọ fún Java pé ìdáhùn tó ní pọ́ìǹtì lòun ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, ó sì jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Java bá ń pín, nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìpín nìkan ló ń wò. Kò bìkítà nípa ibi tí ìdáhùn ń lọ. Ìgbà tí ìṣirò bá parí tán ló tó béèrè irú ibi tí yóò gbé e sí, nígbà yẹn ẹ̀wẹ̀, 0.74 ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Ẹni tó bá mojú irú ìdáhùn báyìí á ti fura látorí 0.0 yẹn. Pọ́ìǹtì tó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé inú `double` ló wà nísinsìnyí. Òdo tó wà níbẹ̀ fi hàn pé odidi ni wọ́n fi ṣe ìpín náà kó tó débẹ̀.

Àrékérekè kan wà nínú àṣìṣe yìí tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà dán ètò rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹni tó gba 50 nínú 50, 100.0 ni yóò rí. Bó bá dán an wò pẹ̀lú ẹni tí kò gba nǹkan kan, 0.0 ni. Méjèèjì ló tọ̀nà! Nọ́ńbà méjèèjì yìí gan-an ni ọwọ́ olùkọ́bẹ̀rẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ lọ síbi wọn nígbà tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó lè fi ọkàn balẹ̀ gbé ètò náà sílẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fi ṣírò máàkì gbogbo kíláàsì, tí gbogbo wọn á gba òdo àyàfi àwọn tí kò pàdánù máàkì kan.

Ní ti àtúnṣe, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ gbìyànjú ni pé ó gbé 100 wá síwájú:

```java
double ida = 100 * gba / apapo;
```

74.0 jáde, inú rẹ̀ dùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 100 sọ 37 di 3700, 50 sì pín 3700 láìku nǹkan kan. Ó bọ́ sí i ni. Nígbà tí wọ́n yí `apapo` sí 60, 61.0 ló jáde, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó jáde bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 61.666, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ á sì kà sí 62. Lójú tèmi, èyí burú ju 0.0 àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò ní bi ara rẹ̀ léèrè nígbà tó bá rí òdo, ṣùgbọ́n ta ló máa fura sí 61?

Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbọ́ pé èèyàn lè fi `double` sínú àkámọ́ láti fi yí irú nọ́ńbà padà, ló bá kọ `(double)(gba / apapo) * 100`. 0.0 tún padà wá. Àkámọ́ kejì ló bà á jẹ́: ó ní kí Java kọ́kọ́ parí ìpín odidi náà, kó tó wá yí òdo tó bá jáde sí `double`. Bó bá yọ àkámọ́ kejì yẹn, tó kọ `(double) gba / apapo * 100`, `gba` nìkan ni Java á yí, ìpín náà á sì ní pọ́ìǹtì.

Èyí tí èmi yàn láàyò nìyí:

```java
double ida = 100.0 * gba / apapo;
```

100.0 jẹ́ `double`. Bí `double` bá pàdé `int` nínú ìṣirò, Java á kọ́kọ́ sọ `int` náà di `double`. Nítorí náà 3700.0 ni ìsọdipúpọ̀ yóò jẹ́, ìpín tó tẹ̀ lé e á sì tọ̀nà, ìbáà jẹ́ 50 tàbí 60. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ìsọdipúpọ̀ ṣáájú ni pé `double` náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹ kọ `29.0 / 100 * 100`, 28.999999999999996 ni ẹ máa rí, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò lè kọ 0.29 sílẹ̀ géérégé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà láìkọ odidi ètò lè ṣí `jshell`, tó ti ń bá Java wá láti ẹ̀dà kẹsàn-án ní 2017:

```
jshell> 37 / 50
$1 ==> 0

jshell> 37 / 50.0
$2 ==> 0.74
```

Ọ̀nà yìí náà ni mo fi ń wá àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú ètò tó gùn: ẹ já ìṣirò náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tó bá jáde láìní pọ́ìǹtì níbi tí ẹ ti ń retí rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ dá dúró sí.

Ohun kan wà tí n kò lè gbè Java lẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi 0.74 sínú `int`, Java á kọ̀ jálẹ̀, á ní nǹkan lè sọnù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpín tó ti da 0.74 nù pátápátá, kò ní sọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àmọ́ inú yàrá ni nǹkan ti ń sọnù.

Kì í sì í ṣe Java ló dá àṣà náà sílẹ̀. Nígbà tí James Gosling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sun Microsystems gbé Java jáde ní 1995, ara èdè C ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú ìlànà kíkọ rẹ̀, kí ó má bàa ṣàjèjì sí àwọn tó ti ń kọ ètò. Báyìí ni C ṣe ń pín odidi, báyìí náà ni FORTRAN tí IBM gbé jáde ní 1957 ṣe ń pín in. Ó wúlò lọ́pọ̀ ìgbà. Bí fíìmù kan bá gba ìṣẹ́jú 135, `135 / 60` á fún yín ní wákàtí 2, `135 % 60` á sì fún yín ní ìṣẹ́jú 15 tó kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ wákàtí 2.25 níbẹ̀. Python náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní 2008 ni `37 / 50` di 0.74, tó sì jẹ́ pé àmì `//` nìkan ló kù fún ìpín odidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Python wá sínú Java ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá lójijì jù.

Ẹ kíyè sí ohun kan ṣá o, kí ẹ tó fi `100.0` ṣe àtúnṣe tán. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fi òdo sí `apapo`, ètò àkọ́kọ́ yẹn á dá dúró, á sì kọ `ArithmeticException: / by zero` sójú kọ̀ǹpútà, torí pé ìpín odidi kì í gba òdo lábẹ́. Ìpín `double` ní tirẹ̀ ń gbà á. Ètò tí a ti tún ṣe kò ní dá dúró mọ́. Á kàn kọ `Infinity` síwájú orúkọ ọmọ náà, tàbí `NaN` bí máàkì rẹ̀ bá jẹ́ òdo, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Nítorí náà, ìlà tó ń yẹ `apapo` wò bóyá ó ju òdo lọ gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ìpín náà.