Níbi tí òǹkàwé ti ṣi ọ̀rọ̀ kà

Ẹnì kan ń ka ìtàn sínú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Ó dé ojú ìwé kẹta, níbi tí a kọ ọ́ sí pé: «Bàbá àgbẹ̀ fi ọkọ́ kọ́ èjìká.» Ó ka ọkọ́ bí ọkọ̀. Ta ni í fi ọkọ̀ kọ́ èjìká?

Kò tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà kà, nítorí ohùn rẹ̀ kò ní bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, etí yóò sì gbọ́ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró àtẹ́wọ́ máa ń yọ sókè gàgàrà lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń gé ohùn á sì tètè rí ibẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kúkúrú síwájú «Bàbá», níbi tí ó ti mí. Ó kọ́kọ́ ka gbólóhùn tó ṣáájú kí ohùn lè padà sípò, kí ó tó tún èyí tó bàjẹ́ kà látòkè délẹ̀. Ó wá kọ 2 sí etí ìwé.

Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló yẹ ẹ́ tàbí ìbínú. Ó kà á lọ́nà méjèèjì, ó kọ A àti B, ó sì fa ìlà yí B ká. Kò fagi lé A, nítorí kì í ṣe àṣìṣe: olóòtú lè yàn án.