Ìbéèrè Mẹ́wàá Fún Alẹ́ Ẹ̀rín Nínú Ilé

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Bompai àti ní gbogbo Sabon Gari, a kọ ìbéèrè mẹ́wàá wọ̀nyí sílẹ̀ lórí àwọn eré àwàdà àtijọ́ inú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ lè fi ṣe ìdíje lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Bí a ó ti ṣe é nìyí. Kí ẹnì kan máa kàwé, kí ẹlòmíràn máa wo aago. Ẹ má ṣe kó àwọn àgbà sí apá kan kí ẹ kó ọmọdé sí apá kejì, nítorí púpọ̀ nínú eré wọ̀nyí ti parí kí a tó bí àwọn ọmọ wa. Ẹ fi àgbà kan àti ọmọ kan pọ̀. Ìṣẹ́jú kan ni fún ìdáhùn. Ìbéèrè 1 dé 3 ní máàkì kọ̀ọ̀kan, 4 dé 7 ní méjì méjì, 8 dé 10 ní mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ogún.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún ẹni tí ó bá ti rí eré náà tàbí tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán.

1. Orúkọ wo ni a fi ń pe Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ nínú eré Aláwàdà?
Ìdáhùn: Baba Sàlá. Olórin ni kí ó tó di aláwàdà, King Sunny Adé sì ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 2018.

2. Kí ni orúkọ ọmọ Papa Ajasco?
Ìdáhùn: Bobo Ajasco. Inú ìwé ẹ̀fẹ̀ Ikebe Super, tí Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ni ìdílé yìí ti jáde.

3. Nọ́ńbà wo ni Olóyè Zebrudaya inú The New Masquerade fi ṣe ìnagijẹ?
Ìdáhùn: 4.30. Chika Okpala ni ó ṣe é.

Ẹni tí ó jókòó wo eré náà dáadáa ni yóò gba mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e.

4. Abúlé wo ni The Village Headmaster ti ṣẹlẹ̀?
Ìdáhùn: Ọjà. Eré yìí kì í ṣe àwàdà pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú rẹ̀ pọ̀.

5. Obìnrin wo nínú eré kan náà ni orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe olófòófó?
Ìdáhùn: Amebo. Ibidun Allison ni ó ṣe é.

6. Òpópónà wo ní Èkó ni Basi inú Basi and Company ń gbé?
Ìdáhùn: Adetola. Ken Saro-Wiwa ni ó kọ eré náà.

7. Ipò ológun wo ni orúkọ Samanja dúró fún?
Ìdáhùn: Sájẹ́ńtì-méjọ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́ Hausa níhìn-ín lè mọ̀ ọ́n láì rí eré náà rí. Usman Baba Pategi ni ó ṣe é.

Mẹ́ta ìkẹyìn le, nítorí ó kan àwọn ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn eré.

8. Inú eré wo ni Fuji House of Commotion ti yọ jáde?
Ìdáhùn: Checkmate. Amaka Igwe ni ó ni méjèèjì. Kúnlé Bámtẹ̀fà sì ni Olóyè Fuji.

9. Ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe Ọ̀gá Ilé-ìwé nínú The Village Headmaster?
Ìdáhùn: Ted Mukoro. Kí olùbéèrè má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ náà “àkọ́kọ́”. Eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ó sì lò tó ogún ọdún, nítorí náà ọ̀gá ń pààrọ̀. Lẹ́yìn Mukoro ni Fẹ́mi Robinson, lẹ́yìn náà Justus Esiri. Bí ẹ bá kàn béèrè pé “Ta ni ọ̀gá?”, bàbá àgbà lè pe Mukoro kí ìyá pe Esiri, òdodo ni àwọn méjèèjì yóò sì sọ. Àtibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdáhùn méjì kò lè tọ́ sí i.

10. Nínú The New Masquerade, ta ni ó ṣe Apena, ìyàwó Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókòyà?
Ìdáhùn: Christy Essien-Igbokwe, tí ó kọ orin “Ṣeun Rere”. Claude Eke, ọmọ Ígbò, ni ó ṣe Jẹ́gẹ́dẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Yorùbá. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Apá Akwa Ibom ni ó ti wá. Lẹ́yìn ìdáhùn yìí, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè pé, ta ni nínú àwọn aládùúgbò wa tí ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí a bí sí Ìbàdàn? A mọ̀ pé wọn yóò rí dárúkọ.

Bí ìdíje bá parí sí ọ̀mì, ẹ jẹ́ kí ọmọdé tí ó kéré jù lọ ṣe Baba Sàlá fún ilé wò. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni ó pàdánù.